Owó Kọ́ṣọ̀n Bàbá Nusrat

Ùsmán Ẹkúndayọ̀ dé ilé wa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Iléyá ti kọjá lọ́jọ́ mẹ́rin, òórùn ẹran àgbò ṣì wà nínú ọgbà. Àpò aṣọ kan ló gbé wá, àti àpótí irinṣẹ́ tó wúwo ju àpò náà lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Nígbà tó pé ọgọ́ta, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀rọ méjì kọṣẹ́, wọ́n tún pè é padà. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kejì yóò parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá.

Èmi ni alábòójútó ilé náà. Ilé Alhaja Fàúsát ni, ojúlé kẹrìnlá, ní Agége, kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá mẹ́jọ ló ní. Alhaja fúnra wọn ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń ta irin ìkọ́lé níbẹ̀.

Alhaja ní òfin kan. Owó ilé gbogbo ayálégbé gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ní àwọn ò lè máa rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ́dún nítorí yàrá mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tó bá wọlé láàárín ọdún, iye ọjọ́ tó kù nínú ọdún ló máa sanwó fún. A ó pín owó ọdún kan sí ọ̀nà 365, ìyẹn ni owó ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, a ó ka ọjọ́ tó kù.

Yàrá tó ṣófo nígbà náà ni yàrá kìn-ín-ní, èyí tó kọjú sí títì, tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. ₦438,000 ni lọ́dún. Ọjọ́ kan jẹ́ ẹgbẹ̀fà náírà, ₦1,200. Mo sọ̀ kàlẹ́ńdà kalẹ̀ lára ògiri, mo ń fi bíró tọ́ka sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú oṣù kẹfà, nítorí ọjọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Oṣù keje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oṣù kẹjọ, bẹ́ẹ̀ náà. Oṣù kẹsàn-án, ọgbọ̀n. Oṣù kẹwàá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oṣù kọkànlá, ọgbọ̀n. Oṣù kejìlá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ igba ó lé márùn-ún. Òun náà ń kà á bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá mi dọ́gba.

Owó ilé rẹ̀ di ₦246,000. Owó kọ́ṣọ̀n jẹ́ ₦50,000. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún un, torí àwọn kan máa ń ṣì í gbọ́. Kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó ilé. Ọwọ́ Alhaja ló máa wà. Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń jáde, a ó wo yàrá. Bí kò bá ba nǹkan jẹ́, tí kò sì jẹ gbèsè iná tàbí ti ilẹ̀ dídà, wọ́n á dá a padà fún un ní pípé. Bó bá ba nǹkan jẹ́, wọ́n á yọ owó àtúnṣe, wọ́n á fún un ní ìyókù.

Ibi owó éjẹ́ńtì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Quadri ni éjẹ́ńtì tó mú un wá. Ó wọ jígí dúdú, ó sì ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹlòmíràn rà.

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni tèmi," Quadri wí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógójì àti ẹgbẹ̀rin náírà."

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá kí ni?" Ùsmán bi í.

"Owó ilé ni, Bàbá."

"Owó ilé tí mo san, àbí èyí tí mi ò san?"

"Owó ọdún kan ni gbogbo éjẹ́ńtì ń wò."

"Ṣé ọdún kan lo wá ilé fún mi? Ọjọ́ igba ó lé márùn-ún lo wá fún mi."

Quadri bọ́ jígí rẹ̀. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú yìí náà! Owó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò kàn fẹ́ kó kúrò níbẹ̀."

"Tó bá kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń ká ọ lára."

Wọ́n wo ojú mi. Mo ní ohun tó wà lórí rìsíìtì ni ₦246,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì ni ₦24,600. Quadri ráhùn, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ùsmán san ₦320,600 lápapọ̀. Mo sọ fún un pé ti Quadri ti lọ nìyẹn, kò ní padà. Kọ́ṣọ̀n nìkan ló ń padà.

"Kí ni ká máa pè yín nínú ilé?" mo bi í.

"Bàbá Nusrat," ó wí. Ó yára sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló wolẹ̀.

Oṣù kan kọjá kí n tó mọ ìdí tó fi gba yàrá náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun àti àwọn ọkùnrin méjì kan láti ilé-iṣẹ́ ló jọ ń sùn nínú yàrá kan ní Ọ̀gbà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Kò ná wọn lówó púpọ̀, kò sì dùn ún. Lọ́jọ́ Iléyá ni Sùlíyá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pè é kí ó kí i kú ọdún. Níparí ọ̀rọ̀, Sùlíyá ní, "Nusrat bi mí níbi tí ẹ ń gbé o."

Nusrat ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá pè é, kì í gbé e. Nígbà tó yá, òun náà kò pè mọ́.

"Ṣé ó ní òun ń bọ̀ ni?" mo bi í.

"Rárá. Ó béèrè ni."

Kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé orí ẹní lòun ń sùn láàárín ọkùnrin méjì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó kó gbogbo owó tó fi pamọ́ jáde, ó wá yàrá. Ó pe Sùlíyá, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: ojúlé kẹrìnlá, yàrá kìn-ín-ní, èyí tó kọjú sí títì. Ó mú kó kà á padà fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ra bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga méjì. Ó ra abọ́ méjì àti ife méjì. Nígbà tó ń kó wọn wọlé, ó ń sọ fún mi pé wọn ò ta ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹyọ kan.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ló ń wọṣẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde. Ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Òpópónà Ọba Akran dé ilé kó má bàa náwó ọkọ̀. Bó bá dé, á kí mi, á bi mí pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá Suara. Ṣé kò sí ẹni tó béèrè mi?" Mo máa ń dáhùn pé kò sí. Á wẹ̀, á kírun, á gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó. Àga kejì á wà nínú ilé. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Àwọn obìnrin ilé ní ó ń gbéra ga. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú títì ni.

Ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ń rọ̀, ó wọ yàrá mi wá jókòó. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ wọn, òṣìṣẹ́ kì í mú fóònù wọlé. Àpótí pákó ńlá kan wà ní géètì, tó ní ihò ihò bí ilé ẹyẹlé. Ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kí òṣìṣẹ́ tó wọlé, á ki fóònù rẹ̀ bọ inú ihò tirẹ̀, á gba nọ́ńbà dání. Tó bá ń jáde ló máa mú un. Àwọn ọlọ́dẹ kì í gbé fóònù oní-fóònù, ì báà dún títí di alẹ́.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ó wọṣẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màrdíyyàh, wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó kú ní aago méje kọjá díẹ̀. Wọ́n ń pe Ùsmán. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá. Wọ́n ní kó dúró dè é. Ó dúró títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tó mú fóònù rẹ̀ nínú ihò, ìpè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bá lórí rẹ̀. Mọ́kàndínlógún jẹ́ ti Nusrat.

Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n ti sin ìyá náà lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Nusrat, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló dúró lójú oórì láìsí bàbá.

"Mo ṣàlàyé fún un," Ùsmán wí. "Ó ní, 'Wákàtí mẹ́rìnlélógún, Bàbá mi? Ẹ ò wo fóònù yín fún wákàtí mẹ́rìnlélógún? Ẹ rí i. Ẹ kàn ò gbé e ni.' Kò gbà pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà láyé."

Ó dìde, ó ní òjò ti dá. Òjò kò tíì dá.

Oṣù kẹsàn-án kọjá, oṣù kẹwàá kọjá. Sùlíyá sọ fún un pé òun ti fi àdírẹ́ẹ̀sì náà lé Nusrat lọ́wọ́, ó sì fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, Ùsmán bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé láti ibi iṣẹ́, nítorí wọ́n ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ kan síbẹ̀, òun sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ òun. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, yàrá kan ṣófo níbẹ̀ fún un. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dúró ní Agége lẹ́yìn ọdún, àfi ìdí kan.

"Tó bá wá, tí kò bá mi ńkọ́?" ó bi mí. "Á ní mo tún ṣe é."

"Ẹ kúkú lọ bá a níbẹ̀. Ìlú kan náà kọ́ ni?"

"Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Bàbá Suara. Ilẹ̀kùn ni mo kí. Òun ló béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀."

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ti tà bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì. Àpò rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní ọjọ́ òun kò tíì pé. Ó ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la ló máa pé. Mo bi í, ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn: ẹni tó bá wọṣẹ́ lónìí, tó dúró títí di òwúrọ̀, orí ọjọ́ òní ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ló ń ka ọjọ́ láti aago mẹ́fà sí aago mẹ́fà, onílé kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo fi í sílẹ̀. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, Alhaja Fàúsát dé pẹ̀lú Quadri láti gba owó ilé. Wọ́n bá Ùsmán lórí àga ní yàrá kìn-ín-ní, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti wọ ọdún tuntun," Quadri wí. Inú rẹ̀ dùn. "Alhaja, ẹ sáà wò ó. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Òfin yín ni pé ẹni tí oṣù kìn-ín-ní bá bá nínú ilé, owó ọdún kan ló jẹ."

"Òfin mi ni," Alhaja wí. Wọ́n jókòó sórí àga kejì. "Bàbá Nusrat, kí lẹ wí sí i?"

"Mi ò ní owó ọdún kan, Alhaja. Iṣẹ́ mi parí lánàá."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ó ní, "Owó kọ́ṣọ̀n mi wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mélòó ló lè jẹ́?"

Quadri bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́ṣọ̀n! Bàbá yìí fẹ́ jẹ kọ́ṣọ̀n bí ẹní jẹ mọ́ínmọ́ín."

"Kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó ilé," Alhaja wí. "Bí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ fi gbélé, tẹ́ ẹ wá fọ́ àwo ìwẹ̀ mi, kí ni màá fi tún un ṣe?"

"Òótọ́ lẹ sọ," Ùsmán wí. Ó dìde, ó wọ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú wọn, ó ṣí i. Sípánà wà níbẹ̀ láti kékeré dé ńlá, wọ́n ń dán. "Ẹ gba èyí dípò rẹ̀. Iye tó wà nínú rẹ̀ ju àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lọ."

Alhaja ń ta irin, wọ́n mọ irin. Wọ́n mú sípánà kan, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, wọ́n dá a padà. Wọ́n wo ojú mi.

Mo ti ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Mo ní ₦50,000 jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógójì ní ẹgbẹ̀fà náírà lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ ₦49,200, ó ku ₦800. Bí a bá kà á láti òní, á parí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ẹni tó bá gba yàrá ní ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ 324 ló kù fún un láti san, ìyẹn ₦388,800. Mọ́kànlélógójì àti 324 jẹ́ 365. Ọjọ́ kan ò ní ṣòfò fún Alhaja.

"Mo ti ní ẹni tó fẹ́ gbà á!" Quadri wí. "Nọ́ọ̀sì kan ní Ìlúpéjú."

"Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn náà kọ́," mo bi í, "tó o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò lè sanwó títí oṣù kejì?"

"Ó lè tètè rí owó."

"Ta ló ń rí owó ní oṣù kìn-ín-ní?" Alhaja wí. "Gbogbo èèyàn ti ná tán ní Kérésì." Wọ́n yí sí Ùsmán. "Ṣé ẹ fẹ́ fi àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà jókòó sínú yàrá tí ò ní bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì? Kì í ṣe èmi ni mo máa kọ owó, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sílé yín, Bàbá Nusrat. Ẹ lọ fi jẹun."

"Mo ń retí ọmọ mi," ó wí.

Alhaja kò béèrè èwo. Wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé owó kọ́ṣọ̀n ₦50,000 ti di owó ilé ọjọ́ mọ́kànlélógójì, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Pé ₦800 kù tí Alhaja máa dá padà. Pé bí ó bá jáde ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n á dá owó ọjọ́ tó kù padà fún un ní ẹgbẹ̀fà náírà lójúmọ́. Pé àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi títí a ó fi wo yàrá. Alhaja àti Ùsmán fọwọ́ sí i.

"Ìwé tuntun nìyẹn," Quadri wí. "Ìdá kan nínú mẹ́wàá tèmi jẹ́ ₦4,920."

"Ayálégbé wo lo mú wá?" Alhaja bi í. "Ṣé ìwọ lo lọ fà á láti orí àga dé orí àga? Jáde níwájú mi, jàre."

Mo gbé àpótí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Oṣù kìn-ín-ní gùn. Kò sí iṣẹ́ tó ń lọ mọ́, kò sì rìn jìnnà sílé. Orí ẹní ló ń sùn, bó ṣe ń ṣe ní Ọ̀gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbí. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá, á fọn fèrè, á lọ. Kò bi mí mọ́ bóyá ẹnìkan béèrè òun, torí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹun. Mo bu oúnjẹ fún un nígbà méjì, ó dúpẹ́, ó fọ abọ́ kó tó dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá ilẹ̀kùn ní títì ní ọ̀sán gangan. Mo gbé e padà.

Nígbà míràn, bí mo bá ń kọjá, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. Ó ń ṣàlàyé nǹkan. Ó ń sọ nípa géètì.

Ọjọ́ kejìdínlógójì jẹ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kejì. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, obìnrin kan tó wé ìborí aláwọ̀ eérú dúró lójú títì, ó ń wo nọ́ńbà ilé. Ó jọ ọ́ níwájú orí. Ùsmán rí i. Kò dìde.

"Ẹ káàárọ̀ o," obìnrin náà wí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Kò sọ pé Bàbá mi.

"Nusrat," Ùsmán wí. "O káàbọ̀. Wọlé. Àga wà."

Kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹní tó wà nílẹ̀, ó wo àga méjì náà. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ wà ní èjìká. "Mi ò lè pẹ́," ó wí. "Mo fẹ́ rí ilé-iṣẹ́ yẹn. Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

Ó yí sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ."

A wọ kẹ̀kẹ́. Nusrat ní kí n jókòó sí àárín. A sọ̀kalẹ̀ ní Òpópónà Ọba Akran. Ọlọ́dẹ tó wà ní géètì ń jẹ́ Làsísì, ó ti pẹ́ níbẹ̀.

"Haa, Bàbá Ùsmán! Ẹ̀rọ kẹta tún ti kọṣẹ́ o! Àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ kọ́ ń fi òòlù lù ú bí ẹní ń lu ejò."

"Làsísì, ọmọ mi nìyí. Ó fẹ́ rí àpótí."

"Àpótí wo?"

"Ti fóònù."

Làsísì wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpótí náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, bí Ùsmán ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi. Ó ga ju èèyàn lọ. Fóònù kún inú rẹ̀. Bí a ṣe dúró níbẹ̀, mẹ́ta ń tàn, ọ̀kan ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló máa gbé ìyẹn?" Nusrat bi í.

"Ẹni tó ni ín ni. Tó bá jáde."

"Tó bá jẹ́ pé èèyàn rẹ̀ ló kú ńkọ́?"

"Arábìnrin," Làsísì wí, "mi kì í mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè. Wọ́n á lé mi tí mo bá fọwọ́ kàn án. Mo ti jókòó ti igbe rẹ̀ fún odindi ọjọ́ rí."

"Nọ́ńbà tiyín dà?" ó bi bàbá rẹ̀.

Ó tọ́ka sí mẹ́rìnléláàádọ́ta. Fóònù ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Nusrat na ọwọ́ sí ihò náà, kò fọwọ́ kan fóònù, ẹ̀gbẹ́ pákó ló fọwọ́ kàn. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò ka ìṣẹ́jú tó fi dúró. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborí.

"Mo ti rí i," ó wí.

"O ṣeun," Ùsmán wí.

Mo rò pé yóò sọ púpọ̀. Gbogbo ohun tó ti ń sọ nínú yàrá fún ọjọ́ méjìdínlógójì, kò sọ ìkankan nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni Nusrat ti wọ ọkọ̀ padà. Ó ní iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ń dúró de òun láti máàkì. Kí ó tó lọ, ó ní, "Bàbá mi, ẹ máa jẹun o. Ẹ ti gbẹ." Ó ti pè é ní Bàbá mi kó tó mọ̀. Kò sọ ìgbà tí wọ́n tún máa ríra, bàbá rẹ̀ náà kò sì bi í. Aago méjì ọ̀sán ni.

Nígbà tí a délé, Ùsmán gbálẹ̀ yàrá, ó fọ ilé ìwẹ̀, ó ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo wo mítà iná, kò jẹ gbèsè. Mo pe Alhaja, mo ní ó ń jáde lónìí, ọjọ́ mẹ́ta kù: kẹjọ, kẹsàn-án, kẹwàá. Ìyẹn jẹ́ ₦3,600. Pẹ̀lú ₦800, ó jẹ́ ₦4,400.

"Kí ló dé tí kò lò ó tán?" Alhaja bi mí.

"Ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́."

Wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ kí ó tó di Alásárì. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ jáde fún un. Ó ní kí n mú àwọn àga náà, mo mú wọn. Ó ti múra tán, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ń wo aago. Mo ní mọ́tò Ìjẹ̀bú máa ń tètè kún lọ́jọ́ Sátidé.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo fẹ́ kó délé ná. Ojú ọ̀nà kan náà ni. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń tẹ̀ lé e."

Aago márùn-ún ló lọ.